Ọgọ́fà Oko Kí Ọjọ́ Ẹtì Tó Pé

Orí pèpéle ilé mi ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń dúró sí. Kì í wọ yàrá, kì í dé ẹ̀yìnkùlé. Láti òpó kejì dé òpó kẹta ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù ní àdúgbò wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. N kì í bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn náà ni wọ́n máa ń sọ ọ́.

Ifádùnní ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé kẹta sí tiwa ni wọ́n bí i sí, ilé kẹrin ló sì fẹ́ ọkọ sí, nítorí náà kò tíì rìn jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, Ọlámipọ̀sí sì ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un ju ẹsẹ̀ tí kì í tètè rẹ̀ lọ. Ó kàwé ọdún méjì ní Ṣakí. Ó padà wálé, ó kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A B D fún ọdún mẹ́ta, ó ta irúgbìn àgbàdo fún ọdún márùn-ún. Ó mọ ọ̀kadà gùn ju Akínyẹlé ọkọ rẹ̀ lọ. Bí àwọn méjèèjì bá ń lọ sóde, Akínyẹlé ló máa ń jókòó lẹ́yìn. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ní oṣù Èrèlé tó kọjá, iléeṣẹ́ kan tó ń ra kajú ní Ìbàdàn gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò le ní sísọ. Wàá lọ sí oko olóko, wàá bi í ní ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà nínú fóònù, wàá sì mú fóònù náà dání, wàá rìn yí ààlà oko ká títí wàá fi padà dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá gbà ni fóònù ń yà. Bí o bá dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, wàá fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń ra kajú náà lókè òkun fẹ́ mọ oko tí ó ti wá. Ọgọ́fà oko ni wọ́n kà fún Ifádùnní ní agbègbè Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọ́n ka ọgọ́fà fún Mojeed, akẹgbẹ́ rẹ̀, ní Ìpapó.

Wọ́n sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ṣe èyí dáadáa ni wọn yóò fi sí ẹnu iṣẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá kùnà, wọn ò ní pè é mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí Ifádùnní ti ń wá iṣẹ́ tí kò ní gbé e kúrò nílùú. Òun nìyí.

Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ajé, mẹ́jọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọjà ni, kò sẹ́ni lóko. Ọjọ́rú, mẹ́jọ. Ọjọ́bọ̀, márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì, méje. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjà tún ni. Ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná an. Àpapọ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n.

Márùn-ún ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ní ìtàn. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan kì í dá yí oko olóko ká. Olóko ló ń ṣíwájú. Kí ó tó ṣíwájú, yóò sun iṣu, ìwọ náà yóò jẹ níbẹ̀. Ifádùnní mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n iye oko tó kù ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó dé oko Àpọ́nlé ní agogo mẹ́sàn-án. Àpọ́nlé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi kajú ni. Ó yọ iṣu nínú iná, ó ha á, ó nà án sí i.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ifádùnní wí. "Mò ń kánjú ni."

Àpọ́nlé gbé iṣu kalẹ̀. Ó jókòó.

"Ò ń kánjú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká rìn ín."

"Ẹni tó ń kánjú wọn ilẹ̀ mi," ni Àpọ́nlé wí fún iṣu náà, "tí kò sì fẹ́ jẹ nínú ohun tó hù níbẹ̀." Ó wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Wákàtí méjì ni ẹsẹ̀ náà fi dùn ún. Ìgbà tí Ifádùnní mú iṣu, tó jẹ ẹ́, tó tún tọrọ epo sí i, ni ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn. Àpọ́nlé dìde, ó sì ń yára níwájú débi pé fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bá a.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ dé. Èmi wà lórí pèpéle. Dúróríkẹ́ ìyàwó mi ń bó ẹ̀gúsí. Ifádùnní dúró ní àárín òpó kejì àti òpó kẹta, fóònù rẹ̀ ń dún ṣáá. Wáàsáàpù ni. Débọ́lá olórí ikọ̀ wọn, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó jókòó sí Ìbàdàn, ló kọ ọ́ sí ojú ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn wà. Ifádùnní kà á sókè:

"Ẹ kú ìsinmi o. Ọgọ́fà oko tó wà lọ́wọ́ kálukú gbọ́dọ̀ pé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí. Ìṣẹ́jú ogún ni oko kan. Mẹ́rìnlélógún lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún. Kò sí àwáwí."

Kí ó tó kà á tán, Mojeed ti dáhùn láti Ìpapó: "Ó ti parí, ọ̀gá wa! Ẹ ka tiwa sí èyí tó ti délé." Ó fi àtàǹpàkò mẹ́ta sí i.

"Ogún ìṣẹ́jú," ni Dúróríkẹ́ wí. "Ìkíni nìkan ńkọ́? Ṣé kò ní ìyá ni?"

Ifádùnní jókòó. Ó kọ ìdáhùn àkọ́kọ́, ó kà á fún wa:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Màá gbìyànjú nípa agbára Ọlọ́run."

"Ta ló gba Ọlọ́run sí iṣẹ́ yín?" ni Dúróríkẹ́ bi í. "Bẹ́ẹ̀ ni lo kọ yẹn. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, tó ní oko dà, ṣé Ọlọ́run lo máa nàka sí?"

"Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Gbìyànjú ni mo wí."

"Nílùú yìí? Ìgbà tí Akínyẹlé sọ fún bàbá rẹ pé òun á gbìyànjú, ṣé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan ìyàwó?"

Ifádùnní pa á rẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó kọ èkejì. Eléyìí yá a lọ́wọ́:

"Ọ̀gá, ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì tútù ní Ìbàdàn ò lè mọ bí ilẹ̀ ibí ṣe gbóná tó. Bí ogún ìṣẹ́jú bá tó, ẹ wá rìn ín fúnra yín."

Dúróríkẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gúsí fọ́n sílẹ̀.

"Èyí dùn! Fi ránṣẹ́. Fi ránṣẹ́ kíá, kí n gbọ́ bó ṣe máa dún."

Mo ní, "Ó dùn. Iṣẹ́ náà á sì dùn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé e fún."

Ọwọ́ Ifádùnní dúró. Ó wò mí. N kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí ni kí n wá kọ? Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní mo ya ọ̀lẹ."

"Má kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ka oko kan fún un."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé ṣéènì fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí oko kan ń jẹ. A jókòó, a kà á. Ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Rírìn yí i ká, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà láti oko kan dé èkejì lórí ọ̀kadà, ogún. Ìkíni àti iṣu, mẹ́jọ. Àpapọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rin. Wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ òòjọ́. Oko méje, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin láti fi mumi.

"Méje náà ni mò ń ṣe!" ni Ifádùnní wí. Ó yà á lẹ́nu pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Ọjọ́ ọjà ńkọ́?" ni Dúróríkẹ́ bi í. "Ọjọ́rú yìí náà ni. Ṣé wàá sùn ni?"

"Kò sẹ́ni lóko lọ́jọ́ ọjà, Ìyá."

"Wọ́n wà lọ́jà. Ṣé inú oko nìkan ni ẹnu wọn ń là ni?"

Ifádùnní wo fóònù. Ó ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè náà lè dúró ní ìdajì. Èèyàn lè béèrè ìbéèrè níbi kan lónìí, kó pa á mọ́, kó sì rìn ín lọ́jọ́ mìíràn. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ìbéèrè bá ti kúrò ńlẹ̀, oko kan ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Mẹ́wàá lè wọ inú ọjọ́ kan.

Ó fẹ́ kọ ọ́ sí ojú ẹgbẹ́. Mo ní rárá. Bí o bá tọ́ ọ̀gá sọ́nà lójú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ó di dandan kó borí rẹ. Òun nìkan ni kó fi ránṣẹ́ sí. Ó kọ ọ́, ó pa díẹ̀ rẹ́, ó tún un kọ. Níkẹyìn, ó kà á:

"Ẹ kú ìsinmi, ọ̀gá. Mo ti rí iṣẹ́ yín nípa ọjọ́ Ẹtì. Nítorí pé mo fẹ́ kí ọgọ́fà oko Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí pé, kó sì jẹ́ òótọ́, ni mo ṣe ní kí n tètè sọ ibi tí mo dé fún yín lónìí. Méjìdínlọ́gbọ̀n ti wọlé ní ọjọ́ mẹ́rin. Oko kan ń gba ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rin: ìbéèrè márùndínlọ́gbọ̀n, ìrìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà ogún, ìkíni àti iṣu olóko mẹ́jọ. Mo gbìyànjú láti fo iṣu lọ́jọ́ kan, wákàtí méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, méje ni mò ń ṣe lójúmọ́.

"Ní agogo márùn-ún ọjọ́ Ẹtì, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta á wà lọ́wọ́ yín, tó parí pátápátá. Ọjọ́rú jẹ́ ọjọ́ ọjà. Màá jókòó sí ọjà, màá béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọgbọ̀n èèyàn, kó lè jẹ́ pé ìrìn nìkan ló máa kù lóko wọn. Bí mo bá dá a ṣe, ọgọ́fà á pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta sí òní. Bí ẹ bá rí ẹnì kan fi kún mi láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, á pé ní Ọjọ́rú kejì sí òní. Bí àwọn oko kan bá sì wà tí àwọn tó wà lókè yín fẹ́ kọ́kọ́ rí, ẹ sọ wọ́n fún mi, àwọn ni màá fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Èwo ni ká ṣe?"

"Kò sí èébú kankan níbẹ̀," ni Dúróríkẹ́ wí. Ó dùn ún.

Ifádùnní tẹ̀ ẹ́. Ó lọ. Àmì méjì yọ, wọ́n di búlúù. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ogójì ìṣẹ́jú ni Ifádùnní fi jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń dúró de ìkòkò ẹ̀wà. Ó dìde nígbà mẹ́rin. Ó ní òun ti ba ara òun jẹ́. Ó ní iṣu yẹn ni kò yẹ kí òun kọ. Dúróríkẹ́ ní tó bá di pé wọ́n lé e, ó ṣì lè máa bó ẹ̀gúsí. Ìyẹn kò tù ú nínú.

Fóònù dún. Débọ́lá ló ń pè. Ifádùnní sọ ọ́ di aláriwo kí gbogbo wa lè gbọ́, ó gbé e sórí pèpéle, kó má baà kúrò nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

"Ìyá Ọlámipọ̀sí, ẹ kú ọjọ́ Àìkú o." Ohùn rẹ̀ kò burú. "Mo ka iṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló ń jẹ́ iṣu olóko?"

"Oúnjẹ tí wọ́n fi ń gbani láyè ni, ọ̀gá."

"Ó dáa. Ogún ìṣẹ́jú yẹn, inú ọgbà iléeṣẹ́ níbí la ti dán an wò. A yí ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí ká."

"Òdòdó ò ṣáà lè ní kí wọ́n jẹun!" ni Dúróríkẹ́ pariwo láti ìdí ẹ̀gúsí.

"Ta nìyẹn?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, sà," ni Ifádùnní wí.

Débọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ òótọ́. Àádọ́ta láti agbègbè kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọ̀gá tirẹ̀ fẹ́ fi han àwọn tó ń ra kajú ní ọjọ́ Ẹtì. Òun ló ní ọgọ́fà, nítorí pé bí òun bá ní àádọ́ta, ọgbọ̀n ni wọ́n máa gbé wá.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yín ti ju ohun tí mo nílò lọ," ló wí. "Ẹ máa bá a lọ. Ìṣẹ́gun kẹta yẹn, mo gbà. Ẹni tí mo máa fi kún yín ni kò sí."

"Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ìlà kan, kí n má baà gbàgbé."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ka ìṣẹ́jú iṣu?" Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà lọ bí a ṣe kà á. Mojeed ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ọ́ sí ojú ẹgbẹ́ pé ọgọ́fà oko Ìpapó ti pé. Ó fi àtàǹpàkò márùn-ún sí i. Ní Ọjọ́bọ̀, ó bi Ifádùnní: "Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ṣé ẹ ò tíì jẹun tán?" Dúróríkẹ́ ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun. A kò gbé e fún un.

Ní agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ọjọ́ Ẹtì, èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta kúrò lórí pèpéle mi.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, Débọ́lá fúnra rẹ̀ ló pè láti sọ ọ́. Wọ́n ṣí máàpù síwájú àwọn ọ̀gá. Oko Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fọ́n káàkiri bó ṣe yẹ. Wọ́n wá ṣí ti Ìpapó. Ọgọ́fà oko, gbogbo wọn jókòó lórí ara wọn bí ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà ni fóònù ń yà, ẹsẹ̀ Mojeed kò sì kúrò ní agboolé wọn. Igi máńgòrò kan ló ń yí ká. Oko kan lára wọn gba inú balùwẹ̀ ìyá rẹ̀ kọjá.

"Kò ní ọjọ́ tó tó ọgọ́fà," ni Débọ́lá wí, "ó sì tijú láti sọ ọ́. Ìyá Ọlámipọ̀sí, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹnì kan."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Mojeed sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé mi pẹ̀lú báàgì kan. Ọmọkùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

"Ẹ kú ilé, sà. Ọ̀gá ní kí n wá ran àǹtí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn."

"O mọ̀ ọ́n rìn," ni Dúróríkẹ́ wí. "Balùwẹ̀ ni kí o yọ kúrò níbẹ̀."

Ifádùnní kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀: kó kí olóko, kó jẹ́ kí olóko ṣíwájú, kó má tẹ fóònù títí wọn yóò fi dé ààlà. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ fún un. Oko kìíní, Mojeed jẹ iṣu, inú rẹ̀ dùn. Oko kejì, ó jẹ ẹ́. Oko kẹta, ó jẹ ìdajì, ó ń mí. Oko kẹrin ni oko kejì tí Àpọ́nlé ní, èyí tó wà lókè odò. Àpọ́nlé yọ iṣu, ó ha á, ó nà án.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ni Mojeed wí. "Mo ti yó."

Àpọ́nlé gbé iṣu kalẹ̀. Ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ló wí.

Ifádùnní gbójú sókè, ó ń wo ewé kajú.

Ọgọ́fà pé ní Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Mo kà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìlà kan dé láti ọ̀dọ̀ Débọ́lá: láti oṣù Ẹrẹ́nà, Ifádùnní ni yóò máa mójú tó Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìpapó fún iléeṣẹ́ náà, kò sì ní láti kúrò nílé. Akínyẹlé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó wá lórí ọ̀kadà, lẹ́yìn.

Ìlà kejì wà fún Mojeed. Kó padà sí Ìpapó. Ọgọ́fà, ọjọ́ mẹ́jọ.

Mojeed jókòó ní àárín òpó kejì àti òpó kẹta. Mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó gbéra, tó fẹ́ lọ tẹ àtàǹpàkò ti inú fóònù. Ifádùnní wúkọ́. Mojeed gbé e padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ń sọ ọ́ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti rí iṣẹ́ yín. Oko kan ń gba ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rin..."

"Kọ iṣu sí i," ni Dúróríkẹ́ wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Mojeed di ikùn mú. Ó gùfẹ̀.

"Mẹ́wàá ni, Ìyá. Èmi ò lè yára jẹ ẹ́ mọ́."

Ó pa méjìdínláàádọ́rin rẹ́, ó kọ àádọ́rin.